1 MHz wọlé, káúntà kọ 3 MHz: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan lórí wáyà RG-58 tí kò ní rẹsítọ̀ ìparí

Ètò náà kò le rárá. Ẹ̀rọ kan wà tó ń pèsè ìgbì onígun mẹ́rin, 1 MHz, tó ń lọ láti 0 V sí 5 V. Wáyà kóásì RG-58 kan, tó gùn ní mítà 12, ló gbé ìgbì yìí lọ sọ́dọ̀ káúntà méjì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ka iye ìgbà tí ìgbì gòkè láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Káúntà kejì wà ní òpin wáyà gan-an. Káúntà kìíní wà lójú ọ̀nà: ní mítà 4 sí ẹ̀rọ ìpèsè, wọ́n fi ìso BNC oníka mẹ́ta, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní T, sáàárín wáyà, wọ́n wá fi wáyà kékeré tó gùn ní mítà 1 so káúntà mọ́ ọn.

Káúntà tó wà ní òpin ń kọ 1.000 MHz. Èyí tó wà lójú ọ̀nà ń kọ 3.000 MHz. Àwọn méjèèjì ò sì yí nọ́ńbà padà.

Ohun tó kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni pé káúntà kìíní ti bàjẹ́. Wọ́n pààrọ̀ àwọn káúntà náà síra: èyí tó ń kọ 3 tẹ́lẹ̀ kọ 1 nígbà tó dé òpin wáyà, èyí tó ń kọ 1 sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ 3 nígbà tó dé ojú ọ̀nà. Àìsàn náà ń gbé inú ibi, kì í ṣe inú ẹ̀rọ. Wọ́n pààrọ̀ wáyà sí tuntun tó gùn bákan náà, kò sí àyípadà. Wọ́n wá sọ pé bóyá 1 MHz ló ti pọ̀ jù fún wáyà yìí, wọ́n sì sọ ìgbì náà kalẹ̀ sí 1 kHz. Káúntà kìíní kọ 3 kHz.

Àyẹ̀wò tó gbẹ̀yìn yìí ló yẹ kéèyàn dúró tì, nítorí ó gé ìmọ̀ràn tí àwọn èèyàn máa ń yára mú wá kúrò nílẹ̀, ìyẹn pé kí a dín fíríkúẹ́ńsì kù. Ìlọ́po 3 náà kò gbọ̀n rárá nígbà tí iye ìgbì dín ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ẹ̀rọ ìpèsè padà sí 1 MHz, wọ́n sì yí ìrísí ìgbì láti onígun mẹ́rin sí onígbì rọ̀bọ̀tọ̀, èyí tí bọ́tìnnì ẹ̀rọ ń pè ní `Sine`. Lójú ẹsẹ̀, káúntà kìíní kọ 1.000 MHz. Ẹni bá mú àyẹ̀wò méjèèjì pọ̀ ti ní ìdáhùn lọ́wọ́: ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni bí ìgbì ṣe ń yára gòkè àti bó ṣe ń yára sọ̀ kalẹ̀, kì í ṣe iye ìgbà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ìgòkè náà kúrú ju wáyà lọ

Ìgbì onígun mẹ́rin tó jáde láti ara ẹ̀rọ yìí máa ń gòkè láti ìsàlẹ̀ dé òkè láàárín 5 ns; 1 ns jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá. Nínú RG-58, ìgbì ń rin nǹkan bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta eré ìmọ́lẹ̀, èyí tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20 ní 1 ns, tàbí kí a sọ pé mítà kan ń gba 5 ns. Nítorí náà, gbogbo ìgòkè náà, láti 0 V dé òkè, kò gbà ju mítà 1 lọ lórí wáyà. Wáyà jẹ́ mítà 12. Nígbà tí ìgòkè ti parí lẹ́nu ẹ̀rọ ìpèsè, òpin wáyà kò tíì gbọ́ nǹkan kan, yóò sì tó 55 ns sí i kó tó gbọ́. Ní irú ipò báyìí a ò lè máa ka wáyà sí ohun tí fóltéèjì ibi gbogbo lórí rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà ní àkókò kan náà.

Ti `Sine` ní 1 MHz yàtọ̀. Ìgbì kan ṣoṣo rẹ̀ gùn ní mítà 200 nínú wáyà yìí, kò sì ní ìgòkè òjijì kankan. Mítà 12 kéré lójú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ara káúntà fi yá.

Ohun tí 50 Ω tí wọ́n kọ sára wáyà túmọ̀ sí

Ẹni bá fi mítà àfọwọ́yí wọn RG-58 láti orí dé òpin kò ní rí 50 Ω níbì kankan. Bí òpin bá ṣí sílẹ̀, mítà á ní kò sí ọ̀nà. Bí a bá so òpin pọ̀, á ní kò tó 1 Ω. Ìmípídánsì àdámọ́ wáyà, tí a ń kọ ní Z0, kì í ṣe rẹsítọ̀ tó fara pamọ́ sínú bàbà. Ìpín tó wà láàárín fóltéèjì àti kọ́rẹ́ńtì ìgbì tó ń rìn lọ́wọ́ ni. Mítà kan RG-58 ní nǹkan bíi 250 nH ìńdọ́kítánsì àti 100 pF kàpásítánsì nínú. Bí a bá fi ti ìṣáájú pín sórí ti ìkejì, tí a wá gbòǹgbò rẹ̀, 50 Ω ló ń jáde. Ìgbì tó ń tẹ̀ síwájú gbọ́dọ̀ máa fi kọ́rẹ́ńtì kún inú 100 pF yẹn bó ṣe ń lọ ní mítà kọ̀ọ̀kan, iye tó sì ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ ìpèsè rí bákan náà pẹ̀lú iye tí rẹsítọ̀ 50 Ω ìbá béèrè.

Ẹ̀rọ ìpèsè náà ní 50 Ω tirẹ̀ nínú. 5 V tí a rí lójú rẹ̀ jẹ́ èyí tí yóò fún ohun tí kò gba kọ́rẹ́ńtì, èyí tí ẹ̀rọ ń pè ní `High Z`. Nígbà tí ìgbì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ wáyà, 50 Ω ti inú àti 50 Ω ti wáyà pín 5 V sí méjì dọ́gba. 2.5 V ló ń rin lọ lórí wáyà, 5 V kò sí níbì kankan títí di ìgbà tí ìgbì yóò fi dé òpin.

Níbi tí ìgbì bá ti pàdé ohun tí kì í ṣe 50 Ω, apá kan rẹ̀ yóò padà. Ìdá tó ń padà, ρ, nìyí, tí Z jẹ́ ìmípídánsì ohun tí ìgbì pàdé:

```
ρ = (Z − Z0) / (Z + Z0)
```

Ẹnu káúntà jẹ́ 1 MΩ, nítorí náà Z pọ̀ ju Z0 lọ fíìfíì, ρ sì jẹ́ 1. Gbogbo 2.5 V náà ló ń padà, a sì fi kún 2.5 V tó ń bọ̀, kí òpin tó di 5 V. Ìgbì tó padà yìí yóò rìn dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ìpèsè. Nítorí pé 50 Ω wà níbẹ̀, ρ ibẹ̀ jẹ́ 0, ìgbì náà á sì kú síbẹ̀. Bí kò bá sí ẹ̀ka ojú ọ̀nà, ètò yìí kò ní wàhálà kankan fún ẹni tó wà ní òpin.

Àmọ́ ẹni tó wà láàárín ọ̀nà ń rí nǹkan mìíràn. Ìgbì àkọ́kọ́ kọjá lára rẹ̀ pẹ̀lú 2.5 V, èyí tó padà kò sì ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ títí yóò fi lọ dé òpin tó sì padà. Láti mítà 4 sí òpin jẹ́ mítà 8. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ mítà 16, ìyẹn 80 ns. Fún 80 ns gbáko, fóltéèjì ojú ọ̀nà dúró sórí pẹpẹ kan ní ìdajì gíga rẹ̀.

Káúntà tí wọ́n fi sí `Auto` máa ń wo ìsàlẹ̀ àti òkè ìgbì, á sì fi ààlà ìkà rẹ̀ sí àárín gbùngbùn wọn. Níhìn-ín, 2.5 V ni. Orí pẹpẹ yẹn gan-an ló fi ààlà sí.

Bí 1 ṣe di 3

Pẹpẹ nìkan kò tó láti sọ 1 di 3. Ẹ̀ka mítà 1 tó lọ sí káúntà kìíní ló parí iṣẹ́ náà, ó sì yẹ ká fara balẹ̀ tẹ̀ lé e.

Nígbà tí 2.5 V dé ibi ìso T, ó rí ọ̀nà méjì níwájú: wáyà tó ń lọ sí òpin, 50 Ω, àti ẹ̀ka, 50 Ω. Méjèèjì papọ̀ jẹ́ 25 Ω. ρ ibẹ̀ jẹ́ (25 − 50) / (25 + 50), ìyẹn −1/3. Nítorí náà fóltéèjì ibi ìso T di ìdá méjì nínú mẹ́ta 2.5 V, ìyẹn 1.67 V, òun ló sì wọ ọ̀nà méjèèjì. 1.67 V yìí rìn mítà 1 nínú ẹ̀ka, ó kan ẹnu káúntà tó jẹ́ 1 MΩ, ó sì di ìlọ́po méjì: 3.33 V. Èyí tó padà rìn lọ sí ìso T, ó tún rí 25 Ω, ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ sì padà sí káúntà pẹ̀lú àmì òdì: −0.56 V, tó di −1.11 V nígbà tó kan ẹnu káúntà. Báyìí ni ó ń lọ tó ń bọ̀ ní 10 ns-10 ns, tí ìpín kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta ti ìṣáájú, tí àmì rẹ̀ sì ń yí padà.

Tí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò láti ìgbà tí ìgbì kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ ìpèsè, ohun tí ẹnu káúntà kìíní rí nìyí:

```
 25 ns   3.33 V
 35 ns   2.22 V
 45 ns   2.59 V
 55 ns   2.47 V
105 ns   ... 5 V
```

Ní 105 ns ni ìgbì tó padà láti òpin dé, tó gbé e kúrò lórí pẹpẹ lọ sí 5 V.

Káúntà kò kàn ń wo 2.5 V lásán. Kí ariwo kékeré má baà tàn án, ó ní àlàfo: nínú irú èyí tó wà níhìn-ín, ó gbọ́dọ̀ kọjá 2.6 V kó tó kà, ó sì gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ju 2.4 V lọ kó tó lè tún kà. Ẹ jẹ́ ká gba inú tábìlì yẹn lọ. Ní 25 ns ó dé 3.33 V: ó ka ẹyọ kan. Ní 35 ns ó bọ́ sí 2.22 V, tó rẹlẹ̀ ju 2.4 V lọ, káúntà sì ti ṣetán fún òmíràn. 2.59 V kò kọjá 2.6 V, nítorí náà kò kà á. Ní 105 ns ó kọjá 2.6 V lọ sí 5 V: ó ka ẹyọ kejì. Ìgòkè kan, ìkà méjì.

Ìsọ̀kalẹ̀ náà ń ṣe ohun kan náà ní òdì. Láti 5 V, ó bọ́ sí 1.67 V, ó padà gòkè sí 2.78 V, ó tún bọ́ sí 2.41 V, kó tó wá lọ sí 0 V lẹ́yìn pẹpẹ. Nígbà tó ti 1.67 V gòkè dé 2.78 V, ó kọjá 2.6 V, káúntà sì ka ẹyọ kẹta. Mẹ́ta nínú ìgbì kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí 1 kHz fi di 3 kHz, nítorí ìtàn kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ ní gbogbo ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀, bó ti wù kí wọ́n jìnnà síra tó.

Kí ló wá dé tí káúntà kejì kò fi ṣìnà? Ìgbì tó ti ìso T lọ bá a ń gòkè ní 1.67, 2.78, 2.41 V, òpin sì ń sọ wọ́n di ìlọ́po méjì: 3.33, 5.56, 4.81 V. Ó ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n gbogbo gbígbọ̀n náà wà lókè 2.5 V. Ẹni tó wà ní òpin kì í rí pẹpẹ. Èyí ló máa ń tan àwọn èèyàn jẹ jù nínú ọ̀rọ̀ wáyà tó ṣí sílẹ̀: wọ́n máa ń wá àṣìṣe sí ibi tó jìnnà jù lọ, níbi tí ìgbì ti dára jù lọ.

Bí a ṣe fojú rí i

Wọ́n gbé ọsilosíkóòpù 100 MHz wá, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya ìrísí ìgbì sójú rẹ̀, wọ́n fi ìtọ̀ka ×10 kan ẹnu káúntà kìíní. Ìgbì tí wọ́n kọ́kọ́ rí mọ́ tónítóní, àtẹ̀gùn méjì péré, kò sí gbígbọ̀n tó bọ́ sísàlẹ̀ ààlà. Ẹnì kan ti tan `BW Limit 20 MHz` sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọsilosíkóòpù tó bá ní gbèdéke 20 MHz kò lè fi ìgòkè tó yára ju 17.5 ns lọ hàn (ẹ fi 0.35 pín sórí gbèdéke náà), gbígbọ̀n ẹ̀ka yìí sì ń yí padà ní 10 ns kọ̀ọ̀kan. Káúntà ń rí ohun tí ọsilosíkóòpù ń pa mọ́. Nígbà tí wọ́n pa `BW Limit`, 3.33 àti 2.22 fara hàn, pẹ̀lú pẹpẹ gígùn lẹ́yìn wọn.

Ọsilosíkóòpù yìí kan náà lè sọ gígùn wáyà. Ẹ kan ìtọ̀ka mọ́ ẹnu ẹ̀rọ ìpèsè, kí ẹ wọn gígùn pẹpẹ tó wà níbẹ̀: 120 ns. Ẹ pín in sí méjì nítorí àlọ àti àbọ̀, kí ẹ pín in pẹ̀lú 5 ns: mítà 12. Bí pẹpẹ bá kúrú ju gígùn wáyà tí ẹ mọ̀, wáyà ti já síbì kan lọ́nà. Kòtò kékeré kan á tún hàn ní nǹkan bíi 40 ns: ìso T ni.

Àtúnṣe, àti àwọn èyí tó jọ àtúnṣe

Wọ́n fi rẹsítọ̀ 50 Ω sí òpin wáyà, ní ẹnu káúntà kejì, tòun ti 1 MΩ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. ρ òpin di 0. Kò sí ohun tó padà mọ́, pẹpẹ sì pòórá. Fóltéèjì dúró ní 2.5 V, ààlà `Auto` sì sọ̀ kalẹ̀ sí 1.25 V. Ní ẹnu káúntà kìíní, 3.33, 2.22 àti 2.59 V ṣì wà níbẹ̀, nítorí ẹ̀ka kò tíì kúrò, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó sún mọ́ 1.25 V nínú wọn. Káúntà kìíní kọ 1.000 MHz.

Rẹsítọ̀ náà lè jẹ́ tẹmínétọ̀ BNC tí a rà. Bí kò bá sí, rẹsítọ̀ kábọ́ọ̀nù 100 Ω méjì, ìdá mẹ́rin wáàtì kọ̀ọ̀kan, tí a so pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn sínú orí BNC, tí a gé ẹsẹ̀ wọn kúrú, á ṣe é. Nígbà tí ìgbì bá wà lókè, 2.5 V lórí 50 Ω ń jẹ 0.125 W, àwọn méjèèjì sì ń pín in. Kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi wáyà yí, nítorí yíyí yẹn máa ń ṣe bíi kọ́ìlì níwájú ìgòkè 5 ns, ìgbì á sì tún máa padà.

Tẹmínétọ̀ tí wọ́n ń tà fún kámẹ́rà CCTV jọ èyí gan-an lójú, ṣùgbọ́n 75 Ω ni. Bí a bá fi òun sí i, (75 − 50) / (75 + 50) jẹ́ 0.2: ìdá kan nínú márùn-ún ìgbì á padà. Káúntà lè má ṣìnà nítorí ìyẹn, ẹni tó ń wọn àkókò dáadáa á rí i. Bákan náà ni wáyà RG-59 ti kámẹ́rà: 75 Ω, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sanra bíi RG-58. Ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára rọ́bà rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n rí i pé 50 Ω ló ṣiṣẹ́, wọ́n tan `50 Ω` inú káúntà kìíní náà, pẹ̀lú èrò pé méjì á dára ju ẹyọ kan lọ. Gbígbọ̀n ẹ̀ka lọ lóòótọ́, nítorí òpin ẹ̀ka náà ti bá wáyà mu. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìpèsè ń bọ́ 50 Ω méjì báyìí, 25 Ω lápapọ̀, fóltéèjì ibi gbogbo sì bọ́ sí 1.67 V. Káúntà lè fara mọ́ ọn. Ohun èlò tó ń retí ìgbì TTL, tó fẹ́ kí òkè kọjá 2.0 V, kò ní gbọ́ nǹkan kan. Òpin wáyà nìkan ni 50 Ω ń gbé. Ẹni tó wà lójú ọ̀nà gbọ́dọ̀ wà ní 1 MΩ.

Ọ̀nà kan tún wà tí kò ná owó: kí a kúrò ní `Auto`, kí a fi ọwọ́ gbé ààlà káúntà kìíní sí 1.25 V láìfi rẹsítọ̀ sí òpin. Ó máa kọ 1 MHz, nítorí 2.22 V kò dé 1.25 V nígbà ìgòkè, 1.67 V náà kò sì dé ibẹ̀ nígbà ìsọ̀kalẹ̀. A ò gbà á nímọ̀ràn. Nígbà ìgòkè ó ń kà ní 25 ns, nígbà ìsọ̀kalẹ̀ ó ń dúró de òpin pẹpẹ ní 105 ns, nítorí náà ìgbì tó jáde ní ìdajì-ìdajì á dà bí ẹni pé òkè rẹ̀ fi 80 ns gùn ju bó ti yẹ lọ. Iye á tọ̀nà, ẹni tó bá wọn gígùn òkè ìgbì á gba irọ́.

Ẹ̀ka

Rẹsítọ̀ òpin wo ìkà sàn, kò wo ẹ̀ka sàn. 3.33 V níbi tó yẹ kó jẹ́ 2.5 V ṣì jẹ́ àfikún ìdá kan nínú mẹ́ta, ìgbì tó ń lọ sí káúntà kejì sì ṣì ń gbọ̀n nítorí rẹ̀. Wọ́n yọ wáyà mítà 1 náà kúrò, wọ́n sì darí wáyà ńlá gba iwájú káúntà kìíní kọjá, tí ìso T fi jókòó sí ẹnu káúntà tààrà, láìsí wáyà kankan láàárín wọn.

Bí ẹ̀ka bá pọn dandan, kí àlọ rẹ̀ nìkan má kọjá ìdá kan nínú mẹ́fà àkókò ìgòkè. Ìdá kan nínú mẹ́fà 5 ns fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 0.8 ns, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 16 sí 17. Bí ẹ̀rọ ìpèsè mìíràn bá ń gòkè ní 1 ns, sẹ̀ǹtímítà 3 ló kù, ara ìso T fúnra rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ìyẹn tán.

Lẹ́yìn tí ẹ̀ka lọ, kòtò kékeré kan ṣì ń hàn lójú ọsilosíkóòpù níbi káúntà kìíní. Nǹkan bíi 25 pF tó wà nínú ẹnu káúntà ló fà á: pẹ̀lú ìgòkè 5 ns, ó ń dá bíi 0.3 V padà fún ìwọ̀n ìgbà tí ìgòkè náà fi ń kọjá. Ìyẹn ń rìn padà sọ́dọ̀ ẹ̀rọ ìpèsè, 50 Ω ibẹ̀ sì ń gbé e mì. Bí ohun èlò kẹta bá ń bọ̀, ìso T tirẹ̀ náà á jókòó sí ẹnu rẹ̀ tààrà lójú ọ̀nà. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yìn káúntà kejì ni wọ́n fẹ́ kó wà, a óò yọ 50 Ω kúrò lára káúntà kejì, a óò sì gbé e lọ sí òpin tuntun.